Èrè ọjà màmá, owó bọ̀dá, àti àpótí àìní inú fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ipele 200 ní yunifásítì, Fúùdù Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kà. Mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù kan tó ń fúnni ní 150,000 náírà lọ́dún. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ 200 sọ ìdí tí mo fi nílò owó náà, kí n tún fi 200 mìíràn sọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ mi ṣe. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, òun ló sì ń tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi méjì tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá mi wà láyé, ṣùgbọ́n kò fún wa ní kọ́bọ̀ láti 2019. Bọ̀dá mi kan máa ń ràn mí lọ́wọ́, èmi náà sì ń dirun fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ pé bàbá mi ti kú, àti pé mi ò ní olùrànlọ́wọ́ kankan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti bàbá, torí òun ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́. Ẹni tó bá kọ pé òbí òun ti kú, ìwé-ẹ̀rí ikú ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. O ò lè rí ìyẹn gbà fún ẹni tó ń mí. Ibẹ̀ ni irọ́ kan yóò ti di mẹ́ta: ìwé ayédèrú, ìbúra èké ní kóòtù láti fi ti ìwé náà lẹ́yìn, àti màmá rẹ tí wàá ní láti kọ́ ní ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá pè é lórí fóònù. Wọ́n sì máa ń pè. Bí àṣírí bá tú lẹ́yìn tí owó ti wọlé, wọ́n lè ní kí o dá a padà, wọ́n sì lè kọ̀wé sí yunifásítì rẹ.

Èyí tó tiẹ̀ dunni níbẹ̀ ni pé irọ́ náà kò wúlò fún nǹkan kan. Bàbá tó wà láyé tí kò fúnni lówó ti tó ìdáhùn fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè nípa bàbá, kọ orúkọ rẹ̀, kọ iṣẹ́ tí o mọ̀ pé ó ń ṣe, kí o wá fi gbólóhùn kan kún un: "Ó wà láyé, kò dá sí owó oúnjẹ tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ wa láti 2019." Má bú u, má sì ro ẹjọ́ ilé. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kò wá parí ìjà bàbá àti màmá rẹ, iye tó ń wọlé ló fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o mú ẹ̀rí wá, màmá rẹ lè lọ búra ní kóòtù pé òun nìkan ló ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ. Òótọ́ ni, kò sì ní ṣòro fún un láti tún un sọ níbikíbi.

Ó kan bọ̀dá. Lẹ́nu tiwa, bọ̀dá lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni, ó lè jẹ́ àbúrò ìyá, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ará àdúgbò tó kàn juni lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù yìí. Bí o bá tú "bọ̀dá" bó ṣe dún sí Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá rẹ ni wọn yóò kà á sí. Wọn yóò wá máa wo ìdí tí orúkọ ìdílé rẹ̀ fi yàtọ̀ sí tìrẹ, ìdí tí kò fi sí láàárín àwọn ọmọ ilé tí o kà sókè, tàbí kí wọ́n ro owó oṣù rẹ̀ mọ́ owó tó ń wọ ilé yín. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń pe ìyá-ìyá rẹ̀ ní "màmá". Kọ ìbátan náà bó ṣe rí gan-an, bí àpẹẹrẹ: àbúrò ìyá mi lọ́kùnrin, kì í gbé lọ́dọ̀ wa, iye báyìí ló ń fún mi lọ́dún. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àpótí tí wọ́n kọ Sponsor sí, màmá rẹ ni kí o kọ síbẹ̀, torí òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Orúkọ bọ̀dá yóò wá hàn nínú àlàyé.

Má fi bọ̀dá pamọ́. Ìwọ náà rò ó: o ti wà ní ipele 200, ìyẹn ni pé ẹnì kan ti san owó ọdún kan gbáko. Bí o bá kọ pé o ò ní ẹnikẹ́ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò sọ sí ẹni tó ń kà á lọ́kàn ni, ta ló wá san ti ọdún tó kọjá? Fọ́ọ̀mù tí kò dáhùn ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa ń fura sí. Èyí tí wọ́n ti rí olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ìrànlọ́wọ́ náà kò tó, ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Àìní tí o fẹ́ kọ yìí, ìṣirò mẹ́ta ni: èyí tó ń wọlé, èyí tó ń jáde, àti bí o ṣe ń dí àlàfo àárín wọn. Mú ìwé kan, kí o ṣe é pẹ̀lú màmá rẹ kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àpẹẹrẹ ni iye tí n óò lò báyìí, kí o fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọmọ ọlọ́jà ti máa ń ṣìṣe ni àpótí tí wọ́n kọ Annual Household Income sí. Owó oṣù ni ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ní lọ́kàn, màmá rẹ kò sì gba owó oṣù. Àwọn kan a kọ òdo síbẹ̀. Àwọn mìíràn a kọ gbogbo owó tí màmá ń pa lọ́jà, wọ́n á gbàgbé pé owó gbodo, owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ ìlọ̀ àti owó ìṣọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Èrè ni kí o kọ. Má sì bi màmá léèrè pé, "Èélòó lẹ ń rí lóṣù?" Kò kà á bẹ́ẹ̀ rí, iye tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò sọ. Ìbéèrè tó lè dáhùn ni pé: "Tí ọjà bá dáa, tí ẹ bá ti yọ gbogbo owó tí ẹ ná, èélòó ló ń kù? Tí kò bá dáa ńkọ́?" Ká ní ó sọ 11,000 fún ọjà tó dáa àti 7,000 fún èyí tí kò dáa, tí àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ọdún, 9,000 ni wàá mú.

Iye ọjà ló kù. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tiwa, a máa ń ka ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ́ sí lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá fi márùn-ún pín ọdún yóò rí 73, irọ́ ni. Mẹ́rin ni kí o fi pín 365, wàá rí ọjà 91. Yọ méje fún àìsàn, òjò àti ìsìnkú, ó ku 84. Ní 9,000 lọ́jà kan, 756,000 ni èrè ọdún, ìyẹn 63,000 lóṣù. Iye tí wàá kọ sínú àpótí nìyẹn. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n béèrè bí o ṣe rí i, wàá lè ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ìwé.

Nínú 63,000 náà ni màmá ti ń bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ méjì tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó sì ti ń san owó ilé. Ká ní 20,000 ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ lóṣù. Fún oṣù mẹ́sàn-án tí o ń lò nílé-ìwé, 180,000 nìyẹn. Bọ̀dá ń fún ọ ní 60,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Irun dídì ń mú 8,000 wá lóṣù, ó di 72,000. Àpapọ̀ èyí tó ń wọlé fún ọ jẹ́ 312,000. Má fi ti irun dídì pamọ́ pẹ̀lú èrò pé yóò dín àìní rẹ kù. Lóòótọ́ ó dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìwọ náà ń sapá.

Ó wá kan ìnáwó. Owó ilé-ẹ̀kọ́ 95,000. Yàrá ọdún kan lẹ́yìn ọgbà, 120,000. Oúnjẹ 25,000 lóṣù, ìyẹn 225,000 fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ 54,000, dátà 27,000, ìwé àti ẹ̀dà 30,000, owó iṣẹ́ lábù 18,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 569,000. Yọ 312,000 kúrò, àlàfo 257,000 ló kù. Má kọ aṣọ, má kọ fóònù tuntun, má sì fi nǹkan lé oúnjẹ kí àlàfo lè tóbi. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ti ka ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti yunifásítì rẹ kan náà, wọ́n mọ iye tí owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́, wọ́n sì mọ iye tí yàrá ń lọ fún lágbègbè yẹn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kọ ni bí wọ́n ṣe dí àlàfo náà lọ́dún tó kọjá, èmi a sì máa sọ pé òun gan-an ni ọkàn ìdáhùn. Kí ni 257,000 yẹn dà? Ká ní màmá kó èsúsú rẹ̀, 150,000, tó yẹ kó fi ra gbodo sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tó pọ̀ lọ́jà, ó sì fi kún owó rẹ. O ṣì jẹ onílé ní 40,000. Ìyókù, 67,000, jẹ́ oúnjẹ tí o kò jẹ àti ìwé tí o kò rà. Ó pé. Wò ó dáadáa, wàá rí i pé 150,000 tí sìkọ́láṣíìpù náà ń fúnni jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tí màmá yọ nínú owó ọjà. Tìrẹ lè má ṣe rẹ́gí báyìí, ṣùgbọ́n wá ibi tí owó wọn yóò ti bọ́ sí gan-an, kí o sì sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ pé 150,000 yóò yanjú gbogbo ìṣòro òun nígbà tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 257,000 kò ṣírò nǹkan kan.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ lè wá rí báyìí:

"Màmá mi ló ń gbọ́ bùkátà èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Ó ń ta èlùbọ́, èrè rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 756,000 náírà lọ́dún. Bàbá mi wà láyé, ṣùgbọ́n kò dá sí ìnáwó wa láti 2019. Ìnáwó mi fún ọdún ẹ̀kọ́ kan jẹ́ 569,000. Màmá mi ń fún mi ní 180,000 nínú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń fún mi ní 60,000, mo sì ń rí 72,000 nídìí irun dídì. Ó ku 257,000. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi yọ 150,000 nínú owó ọjà rẹ̀ kí n má bàa kúrò nílé-ìwé, mo sì ṣì jẹ onílé mi ní 40,000. Bí mo bá rí owó ìrànwọ́ yìí gbà, n óò fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó lábù àti owó ìwé, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 143,000. 7,000 tó kù yóò lọ sórí dátà. Màmá mi kò ní tún fọwọ́ kan owó ọjà nítorí mi. Èyí tó kù nínú àlàfo náà, n óò máa fi àfikún iṣẹ́ irun dídì àti yàrá alájọgbé dín in kù."

Kò pé ọ̀rọ̀ 200, kò sì pọn dandan kó pé. Bó o bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí gbólóhùn kúrú bó ṣe kúrú yìí. Kíyè sí i pé kò sí "ìyà ń jẹ wá", kò sí "ẹ ṣàánú mi". Ẹni tó ka fọ́ọ̀mù ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ ti rí gbólóhùn yẹn nínú àádọ́rùn-ún.

Bí o bá ti gba owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ NELFUND, ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ yí padà. NELFUND máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà sí àpò yunifásítì, nítorí náà o ò tún lè ka 95,000 náà mọ́ ohun tí kò ní ẹni tí yóò san án. Kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìrànwọ́ mìíràn, kí o sì sọ pé gbèsè ni, pé wàá san án padà. Sìkọ́láṣíìpù mìíràn náà, ibẹ̀ ni kó wà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gbà kí èèyàn gba méjì pọ̀, ka ìlànà wọn dáadáa kí o tó kọ èyíkéyìí.

Ìbéèrè kejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó rọrùn, òun ni wọ́n sì máa ń kọ burú jù. "Mo fẹ́ di ògbóǹtarìgì, kí n sì mú orílẹ̀-èdè mi tẹ̀síwájú." Yọ orúkọ ẹ̀kọ́ kúrò níwájú gbólóhùn yẹn, amòfin lè kọ ọ́, nọ́ọ̀sì lè kọ ọ́. Àfojúsùn tó yéni ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ìgbésẹ̀ tó kàn tí ó ní ọjọ́, ó sì ní ibi tó ń lọ tí kò jìnnà jù.

Ìwọ ní ibi tí tìrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò ní in. Ilé èlùbọ́ lo ti jáde. Gbodo tí kò bá gbẹ dé inú máa ń bu, pàápàá lásìkò òjò tí oòrùn kò mú. Ìbàjẹ́ yẹn kò mọ sórí àwọ̀ àti òórùn. Oúnjẹ tó bá bu lè ní májèlé tí a ń pè ní áfílátọ́síìnì nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, rírò tí a ń ro ó sínú omi gbígbóná kò sì pa á run. Inú Fúùdù Sáyẹ́ǹsì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ṣùgbọ́n má kọ pé o fẹ́ fòpin sí áfílátọ́síìnì ní Áfíríkà. Bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí o ti fojú rí tàbí tí o ti fọwọ́ ṣe. Bí o kò bá tíì ṣe nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ méjì péré tó láti bẹ̀rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó parí: lọ bá màmá rẹ lọ́jà, ka iye àpò tó rà, ka iye tó bu, kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ohun kékeré tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n lè bi ọ́ léèrè kí o sì dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó kàn, tí ó sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí ITF ń mójú tó. Dárúkọ irú ibi tí o fẹ́ lọ ṣe é, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, tí wọ́n ń pè ní FIIRO, tàbí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Èyí ni àpẹẹrẹ, bí o bá ti ka àpò mẹ́fà, tí o sì rí méjì tó bu:

"Nínú àpò gbodo mẹ́fà tí màmá mi rà ní oṣù Keje, mo rí i pé méjì ti bu kó tó lọ̀ wọ́n, ó ta wọ́n fún onímáàlúù ní owó pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbẹ gbodo láìdúró de oòrùn, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ tó. Ní ipele 300 n óò fi ẹ̀kọ́ lórí pípa oúnjẹ mọ́ ṣe ìpìlẹ̀, n óò sì béèrè fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ ìgbẹ-oúnjẹ wò. Orí gbodo ni mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ fún ọdún díẹ̀ láti mọ ìlànà NAFDAC, kí n tó bá màmá mi àti àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dá ibi ìgbẹ-gbodo kékeré kan sílẹ̀."

"Onímáàlúù" àti "owó pọ́ọ́kú" wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ń fi àdánù hàn láìjẹ́ pé o pariwo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé màmá kó o dànù ni, kọ pé ó kó o dànù. Wo bí ìdáhùn méjèèjì ṣe so mọ́ra: owó ọjà tí màmá yọ nínú àkọ́kọ́, gbodo tó bu nínú èkejì. Bí bọ̀dá bá jẹ́ àbúrò ìyá nínú ọ̀kan, kó má di ẹ̀gbọ́n nínú èkejì.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. CGPA rẹ ni kí o kọ bó ṣe wà, 3.46 kì í ṣe 3.5, èsì tí o máa fi ránṣẹ́ yóò sọ ọ́. Kọ orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí NIN, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti JAMB àti ti báńkì. Bí ó bá yàtọ̀, lọ tún un ṣe kí o tó kọ fọ́ọ̀mù, nítorí ó lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Má fi àmì ohùn sí orúkọ níbẹ̀, má sì lo ₦: àwọn fọ́ọ̀mù kan máa ń sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. Kọ NGN 569,000. Tẹ ìdáhùn rẹ sínú ojú-ìwé tìrẹ ná, kí o ka iye ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí àpótí mìíràn ń ka lẹ́tà àti àlàfo dípò ọ̀rọ̀, yóò sì gé ìparí rẹ dànù láìsọ fún ọ.

Kí o tó tẹ Submit, pe màmá àti bọ̀dá, kí o ka ohun tí o kọ nípa wọn fún wọn. Bí màmá bá ní, "Èyí kò rí bẹ́ẹ̀," tún un ṣe. Tẹ ẹ̀dà kan jáde, kí o sì fi ìwé tí ẹ fi ṣírò ọjà náà sínú rẹ̀. Òun ni wàá mú dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.